Ẹ Káàárọ̀ Sà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò sì ní fi pamọ́. Àbúrò mi obìnrin, èyí tí ìyá wa bí tẹ̀lé mi, kì í ṣẹ èèyàn. Sùúrù là ń pè é nílé. Bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, òun náà ló máa bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́, tó bá sì délé, á tún jókòó ti ìwé oyè kejì tirẹ̀. Yàrá tí mo ti ń ránṣọ ni tábìlì rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Inú ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ti kọ orí márààrún ìwé ìwádìí rẹ̀.

Iṣẹ́ ti parí. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìwádìí náà ka orí karùn-ún, kó sì kọ̀wé pé òun fọwọ́ sí i. Láìsí ìyẹn, yunifásítì kò ní gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oṣù bá sì parí tí wọn ò tíì gbà á, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un ti sọ pé àwọn ò lè dúró dọdún tó ń bọ̀. Ẹnu ọkùnrin kan ni gbogbo rẹ̀ wà.

Orí ímeèlì ló ti fi orí karùn-ún náà ránṣẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, èkejì lọ, kò sí èsì. Ó kọ òmíràn. Kò sí èsì. Ó tún kọ òmíràn. Ó máa ń ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí kó tó fi ránṣẹ́. Á kí ọ̀jọ̀gbọ́n, á kí ìyàwó wọn, á kí àwọn ọmọ, á dúpẹ́ oore àtẹ̀yìnwá, á gbàdúrà. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó parí ni yóò wá sọ pé, “Ní ti ọ̀rọ̀ yẹn, sà, mo ṣì ń retí yín.” Àkọlé tó fi sórí àkọ́kọ́ ni “Ẹ káàárọ̀ sà.” Ti èkejì ni “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà.” Ti ẹ̀kẹta, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.”

Mo dá ẹ̀rọ dúró. “Ọ̀rọ̀ wo ni ‘ọ̀rọ̀ yẹn’?”

“Àǹtí mi, wọ́n á mọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odindi.”

“Ṣé ó tiẹ̀ dénú wọn? Àbí ẹnu ọ̀nà ló sùn sí?”

Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù ń lọ sópin, ó múra, ó ní òun ń lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo tẹ̀ lé e, nítorí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kó máa lọ, á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á sì máa lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn títí ìdí fi ń dùn wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì.

Àbúrò mi kúnlẹ̀ tán, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, lórí àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí yín ni.”

“Lẹ́tà wo?”

Wọ́n fi ìka wá a lórí fóònù, wọ́n sì nà án sí wa. Àkọlé nìkan ló hàn níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn lọ rẹrẹẹrẹ: ti ìpàdé, ti ìdánwò, ti ìpàdé mìíràn. Láàárín wọn, mo rí ti àbúrò mi. Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí.

“Mo rò pé o kàn ń kí mi ni,” ni wọ́n wí. “Mo ní tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, màá wò ó.”

Ẹ gbọ́ ná. O kàn ń kí mi ni! Ká tiẹ̀ ní ìkíni lásán ni, ṣé wọn kì í dáhùn ìkíni nílé bàbá wọn ni? Mo la ẹnu báyìí, àbúrò mi já mi léèékánná lápá.

“Tún un fi ránṣẹ́,” ni wọ́n ní. “Ìpàdé ni mò ń lọ.” Wọ́n ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí àbúrò mi tó dìde.

Nígbà tá a délé, mo ní kó jẹ́ kí n sọ ohun tó máa kọ fún un. Mo ti ní àkọlé nílẹ̀: “Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Tuntun Wọ́, Àgbà Ń Tẹ Fóònù.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

“Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.”

“Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà gan-an ni mo sì ń wá.”

Kò gbọ́ tèmi. Ó ní òun ti rí ohun tí ojú wọn ń rí lórí fóònù yẹn, àkọlé ni òun máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: “Ìfọwọ́sí orí karùn-ún: ẹ jọ̀wọ́, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.” Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Mo fi orí karùn-ún ìwé ìwádìí mi mọ́ lẹ́tà yìí. Mo nílò ìfọwọ́sí yín kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ náà ni yunifásítì máa gba ìwé kẹ́yìn. Bí kò bá sí àtúnṣe, ‘Mo fọwọ́ sí i’ nìkan ti tó. Bí àtúnṣe bá wà, mo ti ṣe tán láti ṣe é. Ẹ ṣeun, sà.”

Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìyàwó wọn kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀. Ìkíni kan péré ló ṣẹ́ kù, ìyẹn náà ó sì kọ̀ láti yọ ọ́.

Wọn ò dáhùn. Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀, mo ń fi ìbínú gé aṣọ oníbàárà. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun. Abẹ́ èyí tó kọ kẹ́yìn ló ti fèsì, kí àkọlé àti gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣáájú lè wà níbẹ̀ lójú kan, ó sì tún fi orí karùn-ún mọ́ ọn kí wọ́n má bàa ní àwọn ń wá a. “Ẹ káàárọ̀ sà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Mo kàn ní kí n rán yín létí ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀tunla ló máa parí. Mo fi lẹ́tà yìí han alákòóso ẹ̀kọ́ oyè kejì pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé.”

“Wàá kọ ọ́ pé wọn ò dá ẹ lóhùn látoṣù tó kọjá,” mo ní.

“Rárá o. Ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ ti wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú á rí i.”

N kò tíì ran apá aṣọ kan tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ó kà á, ó kọ́kọ́ bú sẹ́kún, kó tó fi hàn mí. Ohun tí ọkùnrin náà kọ nìyí: “Mo fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ dáadáa ni. Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?”

Látọjọ́ yìí! Mo fẹ́ fọ́ fóònù náà mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n fóònù àbúrò mi ni. Òun ní tiẹ̀ ti nu ojú, ó ti ń kọ “Ẹ ṣeun gan-an, sà.” Ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì lọ́jọ́ kejì, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì gbà á.

Òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé sí báyìí. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe máa fi ohun tí wọ́n ń fẹ́ sínú àkọlé. Síbẹ̀ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi “Ẹ káàárọ̀ mà” ránṣẹ́ sí i. Lánàá, mo rí i nídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, oúnjẹ rẹ̀ ti tutù. Mo ní kó pa wọ́n tì, ó ṣe tán wọ́n kàn ń kí i ni.

“Àǹtí mi,” ó ní, kò gbójú sókè, “ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tó ti ń retí mi látoṣù tó kọjá.”