Ẹ Jẹ́ Kí Ooru Jáde Ná

Ẹni tó bá rò pé àwọn tí kì í bẹ̀rù nìkan ló ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, onítọ̀hún ò tíì mọ Ìyá Elóoru. Obìnrin yìí ń bẹ̀rù èrò débi pé bí wọ́n bá ní kó wá gbàdúrà níbi ìpàdé ẹbí, á ti wá iṣẹ́ lọ ṣe ní yàrá ìdáná. Síbẹ̀, òun náà ló fárígá pé kò sẹ́ni tí yóò bá òun pe orúkọ òun.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń fi ooru lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀wù àwọn dókítà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fún un lórúkọ yẹn. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí o bá fẹ́ tọrọ omi lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, àfi kí o kígbe bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ariwo yìí gan-an ló kó bá a lọ́dún tó kọjá.

Lọ́dọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà máa ń yan ẹnì kan tí yóò bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá. Ẹni tó bá fẹ́ ipò náà yóò jáde síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ta, yóò sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí òun fẹ́ ṣe, wọn yóò sì nawọ́ dìbò lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Elóoru jáde. Ó sáré gun pèpéle, kò tíì dúró dáadáa tó ti la ẹnu, ohùn tó fi ń bá ẹ̀rọ du ọ̀rọ̀ ló sì gbé sínú makirofóònù. Makirofóònù ké fíìì, àwọn ará iwájú di etí wọn, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé kò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ó ní "ẹ má bínú" lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìbò mẹ́sàn-án ló ní, àwọn alágbàfọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ṣàánú rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Àwọn ọ̀gá ń wá bí wọn yóò ṣe gbé iṣẹ́ aṣọ fún àwọn ará ìta, kí wọ́n sì lé àwọn mẹ́rìndínlógún tó ń ṣe é. Bí kò bá sí alágbàfọ̀ kankan nídìí tábìlì tí wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn. Kò sì sí ẹlòmíràn nínú wọn tó fẹ́ jáde. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ pe Ìyá Elóoru sí kọ̀rọ̀, ó ní kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kí òun bá a kà á, torí pé kì í ṣe gbogbo ẹnu ló wà fún makirofóònù. Ìyá Elóoru dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n inú ń bí i burúkú. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà lọ.

Ẹ̀gbọ́n yìí ni akọ̀wé tó ń ké orúkọ ẹjọ́ jáde ní kóòtù. Láràárọ̀ ló ń dìde lójú adájọ́, lọ́yà àti ọ̀pọ̀ èrò. Ìyá Elóoru bi í pé oògùn wo ló lò tí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó kúrò?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Ọdún kejìlélógún mi rèé, ọwọ́ mi ṣì ń tutù láràárọ̀. Má wulẹ̀ lé e. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń le jù. Bí o bá ti gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ara á máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní yàrá ìdáná. Ẹ̀gbọ́n ní kó ju ìwé nù, torí ìwé ló ń tú àṣírí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kó há gbólóhùn àkọ́kọ́ sórí bí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e. Kó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó má na orúnkún gan-an. Kó wá ojú ẹnì kan lọ́ọ̀ọ́kán, kó bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Kó má sì tọrọ àforíjì, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí ìlùkìkì àyà ẹlòmíràn àfi bí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá polongo rẹ̀. Gbogbo èyí ló yé e. Èyí tí kò wọ̀ ọ́ létí ni pé kó dákẹ́, kó mí jáde kí ó tó sọ̀rọ̀. Bó bá ti dìde báyìí, ọ̀rọ̀ á ti já bọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó sú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bí o bá ti tẹ ẹ̀rọ yín mọ́ aṣọ, ṣé o kàn máa ń gbé e sókè kí o sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi á bó! Mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru jáde ná. Mo máa ń ka ení dé ẹ̀rin."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn ń wò ó. Ó wá yé Ìyá Elóoru. Ó rọra dìde, ó gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, ó sì ka ení dé ẹ̀rin kó tó pe orúkọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Ọ̀gá wọn yẹn ló wà nídìí makirofóònù, tó ń pe àwọn tó fẹ́ ipò. Nígbà tó kan Ìyá Elóoru, ó ní kí gbogbo ènìyàn múra etí wọn sílẹ̀ o, àwọn alágbàfọ̀ ti dé. Ẹ̀rín sọ. Ẹnu obìnrin náà gbẹ táútáú. Ó mu omi díẹ̀, ó sì rìn lọ sókè bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè. Ọ̀gá na ìwé ọ̀rọ̀ kan tó ti bá a kọ sílẹ̀ sí i, bóyá ó fẹ́ kó kà á. Obìnrin náà gbà á, ó dojú ìwé náà dé sórí tábìlì. Ó gba makirofóònù, ó fi í jìnnà sí ẹnu tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n nínú síkẹ́ẹ̀tì. Ó sọ lọ́kàn pé kó máa gbọ̀n lọ, kó ṣáà ti má gbé òun sọ̀ kalẹ̀.

Ó mí wọlé níwọ̀nba, ó wá ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ení. Èjì. Ẹ̀rín kú. Ẹ̀ta. Àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn yíjú padà. Ẹ̀rin. Ó rí bàbá tó ń ṣọ́ géètì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ohùn tí èèyàn fi ń pe ọmọ tó wà nínú yàrá kan náà ló fi pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá tó bí i.

"Èmi ni mo ń lọ aṣọ tí ẹ ń tẹ́ fún àwọn aláìsàn yín," ló wí. "Lọ́dún tó kọjá, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti padà wá."

Bàbá géètì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èjìká obìnrin náà wálẹ̀, ìtọ́ padà sẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyókù sì wá fúnra rẹ̀, ti aṣọ, ti ooru tó ń pa kòkòrò àrùn, ti àwọn mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fẹ́ lé. Ìbò mọ́kànlá ló fi borí ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ti sá lọ o. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó wọ yàrá ìgbìmọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì bá ìwé tí wọ́n fẹ́ fi gbé iṣẹ́ wọn fún ará ìta lórí tábìlì. Alága ní àkókò ò sí, òun yóò kúkú bá wọn fi aṣojú tuntun hàn kíákíá. Ẹsẹ̀ òsì tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Elóoru dìde lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Èmi fúnra mi ni n ó pe orúkọ mi."

Lẹ́yìn náà, ó ń mí jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ka ooru rẹ̀: ení, èjì. Gbogbo àwọn ọ̀gá dúró dè é.