Ohùn Tí A Kọ fún Ogójì Ọjọ́ Bàbá Oníbúrẹ́dì

Ẹni tó bá tún mú bébà wá bá mi ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wa ní Gawon Nama, tó ní kí n sọ ọ́ di ohùn, tó tún ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú rẹ̀, wallahi, màá lé e jáde. Mo ti búra. Ẹ ò sì ní bẹ̀ mí.

Jummai lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, Sókótó ni wọ́n bí mi sí. Èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ àwòrán fídíò, Ameerat, ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ló máa ń sọ ọ́. Yàrá kan la ní, a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo kẹ̀kẹ́ náápẹ̀ má baà wọlé, ooru ibẹ̀ sì lè pa ewúrẹ́.

Bàbá Hassan Ọ̀ṣúnṣínà ló kú, oníbúrẹ́dì àdúgbò Kofar Marke. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìlọrin ló ti wá ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń ru àpò ìyẹ̀fun ní ọjà Kasuwar Kara, kó tó di pé ó mọ ààrò tirẹ̀ sẹ́yìn ilé. Bí búrẹ́dì bá jáde, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á fi ìka lu ìdí rẹ̀, á tẹ́tí. Bí kò bá dún kọ́kọ́, ó di inú ààrò padà. Èyí tó bá jóná, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Bàbá yẹn ò mọ ìjókòó rárá.

Bọ̀dá Bashir, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n máa ṣe fídáù ogójì ọjọ́, lẹ́yìn àdúrà wọ́n á fi fídíò bàbá hàn ní àgbàlá. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: "Bàbá wa ọ̀wọ́n, olóògbé Alhaji Hassan Àlàó Ọ̀ṣúnṣínà, ẹni tí a bí sínú ìdílé ọlọ́lá ní ìlú Ìlọrin, tí ó sì jẹ́ wí pé láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí akíkanjú, èyí tí ó mú kí ó..."

Ibi "èyí tí ó mú kí ó" ni Ameerat ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.

"Àǹtí Jummai, èémí mi ti tán," ó ní. "Mi ò tíì dé ibi tí bàbá ti ṣe nǹkan kan."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń kàwé, bí gbólóhùn bá ta kókó, ojú rẹ̀ lè padà sẹ́yìn. Etí ò lè padà. Bí etí bá ti sọ olórí ọ̀rọ̀ nù, ó ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Mo fa ìlà sí ibi tí Ameerat á ti mí. Ó wá ń dún bí ẹni tí ajá ń lé. Mo gé e sí wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ wá gùn bákan náà, ó ń dún bí sọ́jà tó ń pàṣẹ. Inú bí mi, mo ju bébà náà sábẹ́ àga. Haba! Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí nínú ilé?

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Ìyá Bashir ò ní rí àwòrán kankan. Ó wà nínú opó, ìdáa rẹ̀ ò tíì pé, kò ní bá wọn jókòó ní àgbàlá. Inú yàrá ló máa wà, ohùn nìkan ló máa gba ojú fèrèsé wọlé bá a. Bí ọkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ohùn yẹn, kò sí níbì kankan nìyẹn.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ bàbá fún mi." Mo tan fóònù, mo fi ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ibi tó ti ń mí: gbólóhùn kúkúrú kan, òmíràn kúkúrú, lẹ́yìn náà gígùn kan tó fi ẹ̀rín parí. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mò ń rìn káàkiri yàrá, mò ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ibi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀ ni mò ń gé. Mo tún fi àyè sílẹ̀ láàárín kí àwòrán ààrò lè sọ tirẹ̀. Nígbà tí Ameerat sọ ọ́, ó dà bí ẹni tó jókòó tì yín.

Bọ̀dá Bashir gbọ́ ọ, ó fajú ro.

"Jummai, ṣé bàbá mi lò ń pè ní 'ó' báyìí? Alhaji rẹ̀ dà? Àwọn ẹ̀gbẹ́ tó ṣe alága wọn ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ oyè sórí àwòrán, Bọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa fẹnu sọ ọ́. Ìyá wà nínú yàrá o, ẹ rántí."

"Àwọn àfáà ń bọ̀, àwọn ẹbí Ìlọrin ń bọ̀. O fẹ́ kí wọ́n rò pé ọmọ tálákà ni wá? Èyí tí mo kọ ni kó o lò. Má yọ nǹkan kan."

Ọmọ ló lòkú. A gba tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo so ó pọ̀ bí àkísà.

Ọjọ́ náà dé. Mo wà lọ́dọ̀ Ìyá nínú yàrá nígbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ lóde. Olóògbé yìí, ọlọ́lá yìí, alága yìí. Àwọn ènìyàn ń ṣe "Àmín". Ìyá tẹ́tí, ó tẹ́tí títí. Ó wá fọwọ́ kàn mí.

"Jummai, Alhaji wo ni wọ́n ń sọ yìí? Ìgbà wo ni wọ́n máa dé orí Bàbá Bashir?"

Ó tán, wọn ò dé orí rẹ̀. Ojú tì mí. Nígbà tí àgbàlá dá, tí bọ́ọ̀sì àwọn ará Ìlọrin ti gbéra, mo yọ fóònù mi, mo fi tèmi sí i létí.

"Kì í jókòó," ni ohùn Ameerat wí. "Ẹ ní kó wá jẹun. Á ní òun ń bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ọbẹ̀ á fi tutù..."

"Títí inú á fi bí mi!" Ìyá ti dá fóònù lóhùn. "Sọ ọ́ tán!"

"...Ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kò ní bẹ̀bẹ̀ o. Á kàn gbé búrẹ́dì gbígbóná wọlé, á fi síwájú rẹ̀."

Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Omijé dà. "Òun nìyẹn," ó ní. "Òun gan-an nìyẹn."

Àṣé Bọ̀dá Bashir ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Jummai, kí ló dé tó ò jẹ́ kí ayé gbọ́ èyí? Àwọn ẹbí ti lọ! Tọ̀hún tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló wà nínú fóònù gbogbo wọn!"

Mo yíjú sí i. Ẹnu mi kún. "Bọ̀dá Bashir, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní kí n má..."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre!" Ìyá ló jágbe mọ́ wa. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọkọ mi."