A Kò Fẹ́ Kí Hàǹtú Kán Sílẹ̀

Òjò ló jí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, kò sì kánjú, ó kàn ń rọ̀ lórí páànù bí ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè lé òun. Ògiri ń làágùn. Aṣọ tí mo sá láti ọjọ́ mẹ́ta kò tíì gbẹ. Ẹrẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Omi wà níbi gbogbo ní Dúálà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni tó wà nínú ilé mi sì ń bẹ̀bẹ̀ fún omi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Ọkọ mi ti kú, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí òkú lé alààyè jáde. Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sápá kan. Ahọ́n wọn wúwo, ṣùgbọ́n èébú kò ṣòro fún wọn.

Ìwé kẹta ni mo kà mọ, àmọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì fi hàn mí lọ́sibítù, mo gbà á sórí. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun, ti oúnjẹ àti ti èémí. Àìsàn yìí ti mú kí ìlẹ̀kùn tó ń dé ti èémí máa lọ́ra. Omi lásán yára ju ìlẹ̀kùn náà lọ, ó lè ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, a ó po ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn mọ́ omi, a ó dúró díẹ̀ títí yóò fi ki, tí yóò máa yọ́ kán láti orí ṣíbí bí oyin. Kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí a fi ìrọ̀rí ti apá ọ̀tún, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n sísàlẹ̀. Ṣíbí kékeré ni. Kí n rí i pé ọ̀fun lọ sókè ó sọ̀ kalẹ̀ kí n tó bu òmíràn. Kí n yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wò, torí oúnjẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

"Màmá," nọ́ọ̀sì ní, "ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ikọ́. Omi lè wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn míì kí wọ́n má húkọ́ rárá. Ohùn ni kí ẹ máa gbọ́. Bó bá ti ń dún bí ohùn ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dúró."

Mo mọ ẹ̀kọ rò. Ohun tó ki kò lè ṣòro fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọn ò fẹ́. Wọ́n á tu ú sí mi lọ́rùn.

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lo fi ń bọ́ mi. Ìkà. Ò ń gbẹ̀san."

"Ẹ tẹ àgbọ̀n yín sísàlẹ̀, ìyá mi."

Ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi wá sí Dúálà ní ìyàwó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi da ọbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ sè sínú gọ́tà lójú àlejò, wọ́n ní ewúrẹ́ gan-an kò ní bá mi jẹ ẹ́. Báyìí, bí wọ́n bá ní kí n bu omi fún àwọn, tí mo sì ní rárá, ọjọ́ kan wà tí "rárá" yẹn máa ń dùn lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń po omi mi lọ ni.

Ọmọ wọn obìnrin máa ń wá láti Bonabéri lọ́jọ́ Sunday. Dúálà ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kò ju ti inú ilé lọ. Ọjọ́ òjò yẹn, ó gbé ìgò kékeré kan wá. Hàǹtú ni: àwọn áàfáà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, omi náà ni aláìsàn á mu.

"Gbé e wá," mo ní, "kí n po ìyẹ̀fun mọ́ ọn."

"Oògùn farmasí nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Jamais, Tàǹtí! Láéláé!"

"Fi pa orí àti ojú wọn, nígbà náà."

"Áàfáà ní mímu ni. Ṣé ẹ fẹ́ kó san, àbí ẹ ò fẹ́?"

"Mo fẹ́. Dúró kí n dé."

Tòmátì tí mo ń tà ti dé sí ọjà Sandaga, òjò kì í sì í bá tòmátì ṣeré. Mo lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ, wọ́n kọjú sókè, kò sí ìrọ̀rí lábẹ́ orí. Ọmọ wọn mú ife òfìfo dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó mu gbogbo ẹ̀, Tàǹtí. Kò húkọ́ ẹyọ kan. Ẹ ti ń purọ́ fún wa."

"Ta ló ní kí o tẹ́ wọn sílẹ̀?"

"Nígbà tó jókòó, ó ń kán jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kán sílẹ̀, kí a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni?"

Nínú ilé tiwa, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí hàǹtú kanlẹ̀. Òun náà kò fẹ́ kó kanlẹ̀, ló bá tẹ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dà á sí wọn lọ́nà ọ̀fun.

Mo gbé wọn dìde. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ pè mí kí n gbọ́."

"Ìkà," wọ́n ní. Ohùn náà ń hó bí ìkòkò orí iná.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara wọn ti gbóná, èémí wọn ń sáré. A wọ takisí lọ sọ́sibítù. Dókítà gbé ohun ìgbọ́yà sí wọn láyà, ó dúró pẹ́ sí apá ọ̀tún. Mo ní wọ́n mu omi lórí ìdùbúlẹ̀, ó sì bi wá pé ta ló fún wọn.

Ọmọ wọn yára fèsì ní Faransé pé èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Mo gbọ́ ọ.

"Màmá!" dókítà ní. "Ẹ̀yin tí a kọ́!"

Mo wo ọmọbìnrin náà. Ó ń wo fóònù rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ọwọ́ òsì sókè, èyí tó kù fún wọn. Wọ́n na ìka sí mi, pé èmi ni. Ojú wọn mọ́ kedere. Kì í ṣe ojú ẹni tó gbàgbé.

Bí mo bá ní èmi kọ́, omi náà kò ní torí ẹ̀ jáde. Dókítà ní kí a má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu mọ́, wọ́n á ti rọ́bà gba ihò imú wọn lọ sínú ikùn. Ó ní bí wọ́n bá là á já, tí wọ́n sì tún padà sórí ṣíbí, àṣìṣe kan péré sí i yóò pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wá kó aṣọ ìyá rẹ̀. Mo ní kó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, kó kọjú sókè, kó ya ẹnu. Ó ṣe bí mo ti wí. Ó rò pé ohun kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mo da ṣíbí omi kan sí i lọ́fun.

Ó fò dìde. Ó húkọ́ títí omi fi gba imú rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tàǹtí, ẹ fẹ́ pa mí!"

Mo dúró kí ikọ́ náà tán. "Ikọ́ yẹn ló yọ ọ́," mo ní. "Ìyá rẹ kò ní in mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo gbé àga wá, mo jókòó ṣánṣán, mo tẹ àgbọ̀n mi sísàlẹ̀, mo sì na ọwọ́ sí ìyẹ̀fun àti omi lórí tábìlì. Mo ní kó pò ó, kó bọ́ mi. Èyí tó kọ́kọ́ pò ń ṣàn. Mo ní kó dà á nù. Èkejì ní kókó nínú. Mo ní kó dà á nù. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó ki dáadáa. Ó bu ṣíbí kékeré kan sí mi lẹ́nu, ó ń wo ọ̀fun mi, ó sì ń dúró.