Ìdajì-Ìdajì

Fọláhàn ni ọ̀gá àwọn tó ń pa aṣọ láró nílé iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, ẹgbẹ̀ta náírà ló ń gbà lóṣù. Igba péré ni Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, ń gbà nídìí iṣẹ́ tíṣà l'Ágége. Nígbà tí SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé, tí owó ilé àti oúnjẹ di ọ̀ọ́dúnrún náírà, Fọláhàn ní ọgbọọgba làwọn máa pín in.

Ìbídùn ní, "Bàbá Ọlámijùlọ, ìka ò dọ́gba. Bí mo bá mú àádọ́jọ sílẹ̀, àádọ́ta ló máa kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí owó oṣù wa ṣe tó. Kí n mú márùndínlọ́gọ́rin wá, kí ẹ fi ìyókù kún un, kí n lè rówó kàwé gba N.C.E., ìwé ẹ̀rí olùkọ́, nírọ̀lẹ́."

"Ṣé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìkòkò ọbẹ̀ ni mò ń jẹ ni?" Fọláhàn jágbe mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìbídùn ń san ìdajì tirẹ̀, kò sì ríwèé kà.

Kò pẹ́ púpọ̀, ilé iṣẹ́ Fọláhàn kógbá sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ìbídùn tó kàwé ti gba ìgbéga. Owó kékeré tirẹ̀ ló wá ń bọ́ gbogbo ilé. Fọláhàn ta rédíò rẹ̀, ó gbówó wá.

"Ìdajì tèmi rèé."

"Ẹ fi sápò yín. Bí owó oṣù ẹni bá ṣe tó ni ká máa san. Kí lẹni tí ò gbowó oṣù fẹ́ mú wá?" Kò fi ṣẹ̀sín rárá, ìyẹn gan-an ló dun Fọláhàn wọra.

Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwo Fọláhàn ni Ìbídùn sì bù ú sí. Fọláhàn fẹ́ pín in sí méjì. Ojú tì í. Ó gbé odindi rẹ̀ sínú àwo ìyàwó rẹ̀.