Ọ̀rọ̀ Tó Ń Sáré Lórí Kọ̀ǹpútà Tuntun

Nígbà tí mo kọ́ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, gbogbo Ikosi ló mọ̀. Mo gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan síbẹ̀, mo sì tẹ káàdì pélébé tó pè mí ní programmer. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, màá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná, bíi dókítà tó fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta ata ní Mile 12, gbìyànjú láti ṣàlàyé mi fáwọn oníbàárà wọn títí ó fi sú wọn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kàn ń sọ pé mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Inú máa ń bí mi, torí n ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìdí kọ̀ǹpútà rárá.

Àbúrò mi obìnrin ló ń bá wọn tajà. Òun ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ ata, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ṣa èyí tó ti rà kúrò nínú èyí tó ṣì dáa, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún bí ẹni pé ó ti dàgbà ju ìyá tó bí i lọ. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ kọ́ táìpù nítorí ohun kan ṣoṣo tó ń wá: iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe. Nígbà tí iléèwé kọ̀ǹpútà kan ní Ketu wá ń wá ẹni tí yóò máa jókòó síwájú, tí yóò máa gba àlejò, tí yóò sì máa táìpù, ó wá bá mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí, "tí èyí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò try mọ́ o. Màá kúkú gbà pé ata lọ̀rọ̀ mi."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo ṣe website fún iléèwé náà, obìnrin tó ni ín, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mummy, sì ti ní kí n ṣe ìdánwò táìpù sórí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà ló lè ṣí i níbikíbi kó fi dánra wò kí ọjọ́ tó pé.

Ìdánwò yẹn kì í ṣe nǹkan ńlá, àmọ́ mo fi ṣakọ títí. Ọ̀rọ̀ kan á yọ láti apá ọ̀tún àpótí gígùn kan, á máa rìn lọ sápá òsì. O gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tán kó tó dé òpin. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, o gba máàkì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ náà ti lọ nìyẹn, òmíràn á tún yọ. Ohun tó ń mú un rìn kò le: mo ní kí kọ̀ǹpútà máa pe iṣẹ́ kékeré kan léraléra, ìgbà ọgọ́rùn-ún nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọ̀rọ̀ sì máa sún díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá pè é. Lórí tòkunbọ̀ mi, ọ̀rọ̀ ń rìn bí ìyàwó tuntun. Àbúrò mi jókòó sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ọjà, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ata, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́. Mo ti ń bá a yọ̀ ṣáájú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo ṣe é lóore kan. Àwọn kọ̀ǹpútà iléèwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tòkunbọ̀ tán, wọ́n ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, àfi ọ̀kan tí Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Mo tètè débẹ̀, mo gbé báàgì mi sórí àga iwájú rẹ̀, bí a ti máa ń fi Bíbélì gba àyè sílẹ̀ fún ará ilé ẹni ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Nígbà tí àbúrò mi wọlé, mo ṣẹ́jú sí i, mo sì gbé báàgì mi kúrò. Ọmọbìnrin kan tó wá láti Alápẹ̀rẹ̀ rí mi, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi, ó lọ jókòó sídìí èyí tó gbó jù nínú wọn.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn àbúrò mi, mo ká ọwọ́ pọ̀ sáyà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yọ, kó tó tẹ lẹ́tà kejì, ó ti lọ. Ìkejì náà lọ. Ìkẹta ṣe fìrì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ó yíjú wò mí, ojú yẹn kò kúrò lọ́kàn mi di òní. Nídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tilẹ̀ ń rí àyè tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Wọ́n ka máàkì. Ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ ló gba ipò kìíní, àbúrò mi ló gbẹ́yìn. Kò sunkún. Ó kàn mú báàgì rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó síbẹ̀."

Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Mo jókòó sórí àga náà fúnra mi láti fi hàn pé ẹ̀rù ló bà á, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yẹn le. Mo pàdánù ju òun lọ. Mo wá lọ sídìí tòkunbọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan náà ń bọ̀ níbẹ̀ tìdẹ̀ratìdẹ̀ra. Ìgbà yẹn ni òógùn bo èmi programmer.

Mo tọ Mummy lọ, mo ní a gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé ohun tí mo ṣe kò dọ́gba.

"Ah ah! Uncle," ni Mummy wí, "ṣé torí pé àbúrò yín ló fail ni computer fi bàjẹ́?"

"Mummy, ẹ má dá wọn lóhùn o," ni ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ wí. "Wọ́n fẹ́ do wayo ni. Àwọn náà ni wọ́n fi báàgì gba àyè."

Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Mo bẹ̀ wọ́n kí gbogbo wọn wá wo nǹkan kan. Mo ṣí ìdánwò náà lórí tuntun àti lórí àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́tìnì wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ti orí tuntun dé òpin, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ti àtijọ́ ṣì wà láàárín ọ̀nà. Mummy yọ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

Mo ṣàlàyé. Ìgbà ọgọ́rùn-ún tí mo ní kí wọ́n máa pe iṣẹ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Kọ̀ǹpútà tuntun lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ti àtijọ́, kó tó ya ọ̀rọ̀ kan sójú ara rẹ̀ tán, àkókò tó yẹ kó ti pè é lẹ́ẹ̀mélòó kan ti kọjá. Èmi sì ti so ìrìn ọ̀rọ̀ mọ́ iye ìpè, n ò so ó mọ́ aago. Ó dà bí kéèyàn ní kí àwọn méjì rìn láti Ketu lọ sí Alápẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó gùn dọ́gba: ẹni tó ń gbẹ́sẹ̀ lemọ́lemọ́ á débẹ̀, á ti jẹun tán, kí ẹni tó ń gbẹ́sẹ̀ lẹ́kọ̀ọ̀kan tó dé.

"Àtúnṣe ńkọ́?" ni Mummy béèrè.

Mo ní kò le rárá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe iṣẹ́ náà, kó wo aago, kó yọ ìgbà tó wò ó kẹ́yìn kúrò, kó lè mọ àkókò tó ti kọjá láàárín. Iye tí ọ̀rọ̀ yóò sún ni ìyára rẹ̀ ní ìlọ́po àkókò yẹn. Kọ̀ǹpútà tó lọ́ra á gbé ẹsẹ̀ gígùn, èyí tó yá á gbé ẹsẹ̀ kékeré, àwọn méjèèjì á sì dé pọ̀. Ó yẹ kí n ti dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n dúró wò mí bí mo ṣe ń tún un ṣe.

Mo tún un ṣe lójú gbogbo wọn, ìka mi ń dún bí òjò orí páànù. Mo tẹ bọ́tìnì. Nǹkan kan kò yọ.

"Uncle," ni Mummy wí jẹ́jẹ́, "ọ̀rọ̀ dà?"

"Ó ti lọ, ma."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyára ọ̀rọ̀ ni mo fi ìṣẹ́jú àáyá wọ̀n. Aago JavaScript ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Mo gbàgbé láti fi ẹgbẹ̀rún pín àkókò náà, ni ọ̀rọ̀ bá ń fò kọjá àpótí kí ojú tó rí i. Mo fi ẹgbẹ̀rún pín in, mo sì tún tẹ bọ́tìnì pẹ̀lú àdúrà. Lọ́tẹ̀ yìí, lórí tuntun, ọ̀rọ̀ ń yọ́ lọ geere. Lórí àtijọ́, ó ń tọ gbọ̀ngbọ̀n bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kan òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń tẹ̀ wọ́n léraléra títí ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ní ó tó.

Mummy ní kí gbogbo wọn padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí èmi jókòó sí ìta, èmi àti báàgì mi.

Ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ ló tún gbégbá orókè. Orí kọ̀ǹpútà tuntun yẹn gan-an ló jókòó sí. Àbúrò mi ló ṣe ìkejì. Gbogbo ariwo tí mo pa, gbogbo ìtìjú tí mo jẹ, ohun tí mo fi hàn ni pé ẹni tó gbà á tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó gbà á. Inú mi bàjẹ́, n kò sì lè wo ojú àbúrò mi bí a ti ń lọ sílé.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lọ́jọ́sí, mi ò mọ ohun tó nà mí. Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò dáa. Ti òní, mo mọ ẹni tó nà mí. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Mo ní kó máà bínú.

"Ti orí computer yín ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé òun náà ti dọ́gba pẹ̀lú ti ibẹ̀ báyìí?"

"Ó ti dọ́gba."

"Ẹ lọ ṣí i fún mi."

Ẹni tó ní òun ò ní gbìyànjú mọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́ lẹ́yìn ọjà. Nígbà tó yá, Mummy fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan ní Mende, wọ́n sì tún ń wá ẹni tí yóò jókòó síwájú. Mo ní kí n sìn ín lọ. Ó ní kí n jókòó jẹ́jẹ́. Mo ní kó kéré tán, kó fojú wá èyí tó bá...

"Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ní gbogbo wọn ti dọ́gba?"

Ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní wọ́n ní kí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo dì mọ́ ọn, omi bọ́ lójú mi, mo sì tún ya ẹnu mi bí àṣà: mo bi í pé kọ̀ǹpútà wo ló jókòó sí, ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀.

Ó ní òun ò wò ó.