Ìpàdé Òbí Tí A Gbé sí Sátidé

Èmi ni mo tẹ ìwé ìkéde náà. Èmi náà ni mo lu òǹtẹ̀ ilé ìwé mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ tó mú un lọ fún òbí wọn.

Ilé ìwé girama aládàáni kan lẹ́bàá Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń ṣe akọ̀wé nígbà náà. Láti Simawa ni mo ti máa ń gun ọ̀kadà wá. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ yẹ kó wáyé, gbogbo òbí ló sì ti mọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá máa wá gba ẹ̀kọ́ àfikún ní gbogbo Sátidé títí ìdánwò àṣejáde wọn yóò fi dé.

Ní ìpàdé tó ṣáájú, obìnrin kan ti dìde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìkàwé yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ sì wà ní kíláàsì náà. Ó ní àwọn ìdílé tó ń pa Sábáàtì mọ́ pọ̀ nínú wa, pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọmọ àwọn kì í lọ sí ilé ìwé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà sí ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Alága ẹgbẹ́ òbí ní kí kálukú lọ rò ó, pé a ó dìbò nígbà tí a bá tún pàdé.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Tẹ ìkéde kan fún mi. Ìpàdé ti di Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kọ ọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn òbí tó ń pa Sábáàtì mọ́ ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. "Àbí o ti di ọmọ ìjọ wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún fi kún un fúnra mi pé kí àwọn òbí má bínú fún ìnira yòówù kí ó fà. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ géètì, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwọn òbí.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà dé ojú fèrèsé mi pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé Sátidé tí mo rí yìí, kì í ṣe àṣìṣe?"

"Kì í ṣe àṣìṣe, mà."

Kò bá mi jà. Ó wọ ọ́fíìsì mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì kọ lẹ́tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé e yíká ọ̀dọ̀ àwọn òbí mẹ́fà mìíràn, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ní kí n bá àwọn mú un fún ọ̀gá, kí wọ́n kà á níwájú ìpàdé. Mo fún ọ̀gá. Ó kà á tán, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, alábẹ̀wò kankan kò yọjú.

Ní Sátidé, èmi ni mo jókòó ti alága, mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, àwọn òbí nawọ́ sókè, ẹ̀kọ́ Sátidé wọlé. Alága bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun mìíràn láti sọ. Mo wo ọ̀gá. Èmi gan-an ló ń wò. Mo tẹrí ba, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Gbogbo òbí fọwọ́ sí i."

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin náà wá gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà. Ó kà á lójú fèrèsé.

"Gbogbo òbí. Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lẹ́tà wa ńkọ́?"

"Mo fún ọ̀gá, mà. Wọn ò kà á."

"Ẹ sì wà níbẹ̀."

Ó ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Ọ̀gá ti sọ níbi ìpàdé náà pé àtúnyẹ̀wò lásán ni wọn yóò máa ṣe ní Sátidé. Irọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tuntun ni àwọn olùkọ́ ń kọ́ wọn, bó bá di ọjọ́ Ajé wọn á kọjá síwájú. Ọmọ obìnrin náà á máa tọrọ ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ ní àkókò ìsinmi, nígbà tí àwọn tó kù ń ṣeré níta. Kí táàmù kejì tó dé ìdajì, ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sí ilé ìwé mìíràn ní Ṣàgámù.

Ní ìparí táàmù, níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀gá ní kí n dìde. Ó ní akọ̀wé tó mọ ẹnu pa mọ́ bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dúpẹ́, mo sì jókòó.