Kọ̀ǹpútà Tí Ẹnjiníà Fẹ́ Sin Láàyè

Ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ṣe yẹ ẹ̀rọ akọ̀wé wò. Àyẹ̀wò ní kò sí ṣíìpù ààbò tí Wíńdòòsì tuntun ń béèrè. Ó mi orí bí dókítà àgbà.

"Màmá akọ̀wé, ẹ̀rọ yín ti darúgbó. Ẹ jẹ́ ká jù ú nù."

"Ẹ̀rọ tí mo mọ̀ bí ẹni mowó? Ṣé ẹ ti wo ojú-ewé búlúù tí wọ́n ti ń yí ètò ẹ̀rọ padà kí Wíńdòòsì tó tan?"

Ẹnjiníà rojú wọ ibẹ̀. Ṣíìpù ń bẹ nínú ẹ̀rọ digbí; ẹnìkan ló pa á.

"Ọ̀dẹ̀ wo ló ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin ni, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹ ní kò wúlò."

Ẹnjiníà tan ṣíìpù, ó tún àyẹ̀wò ṣe, ẹ̀rọ sì yege. Ó wá rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.